Bí ẹ ṣe lè mú sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì ṣiṣẹ́ tẹ̀léra, tí èyí tó bá há á fi jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé yìí, ọṣẹ ló ń tẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù màmá kan lágbègbè Tàkíè níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ló wà, sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì péré ló sì wà lára ẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní A, ló ń ti tírè tí ọṣẹ jókòó sí lọ sábẹ́ òǹtẹ̀. Ìkejì, B, dúró lóòró, òun ló ń sọ òǹtẹ̀ kalẹ̀ kí orúkọ lè hàn lára ọṣẹ. A á lọ, B á sọ̀kalẹ̀, B á gòkè, A á padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo fi aago darí ẹ̀. Mo ní kí A máa lọ, kí Adúínò, bóòdù kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, dúró fún sẹ́kọ́ńdì kan, kí B wá sọ̀kalẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi náà ti ń yangàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú iná lọ, kọ̀mpírẹ́sọ̀ kú, àmọ́ ínfátà ló gbé Adúínò àti fáàfù, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú táńkì ni wọ́n fi ń bá iṣẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ yẹn sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì kan pé, A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà, B já lu etí tírè. Màmá pè mí: "Injiníà, ẹ máa bọ̀ o, ẹ̀rọ yín ti ń jẹ irin dípò ọṣẹ."

Òǹtẹ̀ yẹn wọ́, owó mi ni mo fi ṣe òmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le rárá láti lóye: kóòdù mi gbà pé A ti dé, kò sì sẹ́ni tó bi A. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyí, bí a ṣe ń bi sílíńdà léèrè ká tó gbé ìgbésẹ̀ tó kàn, àti bí a ṣe máa mọ̀ tí ìdáhùn ò bá wá.

Ohun tó wà lórí tábìlì

A jẹ́ sílíńdà tí inú ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 32, B jẹ́ 50, àwọn méjèèjì ló ní mágínẹ́ẹ̀tì lára písítìnnì wọn. Ẹ béèrè èyí lọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó o, torí sílíńdà tí ò ní mágínẹ́ẹ̀tì wà, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n, sẹ́ńsọ̀ ò sì ní rí nǹkankan lára ẹ̀. Bí agbára afẹ́fẹ́ bá jẹ́ báà 6, A ń ti nǹkan pẹ̀lú bí agbára àpò sìmẹ́ńtì kan, B lé ní àpò méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn ká tó débi ọ̀rọ̀ ọwọ́.

Fáàfù méjèèjì jẹ́ 5/2, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò márùn-ún àti ipò méjì, kọ́ìlì wọn ń lo fóòtì 24, àmọ́ irú wọn yàtọ̀ síra, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ti B ní kọ́ìlì kan àti sípíríìnì: bí iná bá ti kúrò lára kọ́ìlì, sípíríìnì á dá a padà, B á gòkè. Ti A ní kọ́ìlì méjì, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀, kò ní sípíríìnì: bí iná bá kúrò, ibi tó wà ló máa wà. Ìdí ni pé tí iná bá lọ lójijì, mo fẹ́ kí òǹtẹ̀ gbéra sókè kúrò lórí ọṣẹ (àti lórí ọwọ́ tó bá wà níbẹ̀), mi ò sì fẹ́ kí tírè ṣàdédé sá padà nígbà tí òǹtẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Irú fáàfù tẹ́ ẹ bá rà ló ń sọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe nígbà tí kóòdù yín ti kú, torí náà ẹ ronú síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra èyí tó bá ṣáà wà.

Sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin: a0 wà níbi tí A ń dúró sí nílé, a1 wà níbi tó ń lọ. b0 ni òkè, b1 ni ìsàlẹ̀. Oníwáyà méjì ni mo lò, irú èyí tí abẹ́ irin tín-ín-rín méjì wà nínú ẹ̀ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ra bí mágínẹ́ẹ̀tì bá sún mọ́ wọn. Wáyà búráùn lọ sí fóòtì 24, búlúù wọ bóòdù ọ́pítò, ọ́pítò yẹn ló wá ń fi fóòtì 5 sọ̀rọ̀ fún Adúínò. Ẹ má gbé fóòtì 24 wọ ẹsẹ̀ Adúínò tààrà o, á jó lójú ẹsẹ̀. Kọ́ìlì fáàfù náà, ríléè tàbí tíràńsísítọ̀ ni kó gbé e, kẹ́ ẹ sì de dáyóòdù 1N4007 kan mọ́ kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, ibi tó ní ilà kọjú sí pọ́sítíìfù.

Mo ti rí ẹni tó fẹ́ tọ́jú owó ríléè, tó wá gba iná kọ́ìlì kọjá láàárín sẹ́ńsọ̀ tààrà. Kọ́ìlì máa ń ta iná padà nígbà tí wọ́n bá pa á, iná yẹn ló máa jó abẹ́ méjèèjì inú sẹ́ńsọ̀ lẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ yẹn lọ, sẹ́ńsọ̀ á máa sọ pé "mo rí i, mo rí i", bó tiẹ̀ jẹ́ pé písítìnnì ti dé òdì kejì. Tẹ́ ẹ bá fura sí ọ̀kan, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sílíńdà pátápátá. Tí iná pupa kékeré orí ẹ̀ ò bá kú, ó ti parí fún un.

Bí a ṣe ń gbé sẹ́ńsọ̀ sí àyè ẹ̀

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Wọ́n á fa sẹ́ńsọ̀ títí iná ẹ̀ á fi tàn, wọ́n á sì dè é pa síbẹ̀. Ó tàn lóòótọ́, àmọ́ etí ibi tó ti ń tàn ni wọ́n dè é sí, bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n díẹ̀ tàbí tí bóòtù dẹ̀ ní mìlímítà kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lónìí, kó má tàn lọ́la, wọ́n á sì máa sọ pé kóòdù ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti písítìnnì dé ibi tó ń dúró sí gan-an, ẹ fa sẹ́ńsọ̀ bọ̀ láti àárín sílíńdà. Ibi tí iná bá ti kọ́kọ́ tàn, ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀. Ẹ máa fà á lọ títí iná á fi kú, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni kẹ́ ẹ dè é sí. Ẹ wá dá afẹ́fẹ́ padà sọ́nà kejì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iná yẹn kú lóòótọ́ nígbà tí písítìnnì kúrò.

Ti b1 ní wàhálà tiẹ̀. B kì í rìn dópin ara ẹ̀, orí ọṣẹ ló ń dúró. Nítorí náà ẹ gbé ọṣẹ gidi síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tò ó, torí tẹ́ ẹ bá tò ó láìsí ọṣẹ, ibi tó jìn jù lẹ máa tò ó sí, B ò sì ní débẹ̀ láé nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí sẹ́ńsọ̀ nìkan ò fi tó

Ẹ wo ìgbà tí A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún, B ṣì wà lókè. a1 tàn, b0 tàn. Ohun tó kàn ni kí B sọ̀kalẹ̀.

Ẹ wá wo ìgbà tí B ti tẹ ọṣẹ tán tó sì ti gòkè padà. a1 tàn, b0 tàn. Ohun tó kàn ni kí A padà sílé.

Sẹ́ńsọ̀ ò yàtọ̀ síra rárá, bẹ́ẹ̀ ohun tó kàn yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ní Lautẹ́ẹ̀kì gbé tiẹ̀ wá bá mi ní Ọ́ńdà Jíì, ó ní B òun kàn ń lù ṣáá bí ẹni ń gúnyán, A ò padà. Mo wo kóòdù ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí a1 àti b0 bá ti tàn, kí B sọ̀kalẹ̀. B sọ̀kalẹ̀, ó gòkè, ó bá a1 àti b0 níbi tó fi wọ́n sí, ó tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ ẹ́, ohun tó ní kó ṣe ló ń ṣe.

Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni nọ́ńbà ìgbésẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rántí ibi tó dé nínú iṣẹ́, kó sì jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ìgbésẹ̀ yẹn nìkan ló máa gbọ́ràn sí lẹ́nu:

```
switch (step) {
  case 1: setA(1); if (a1 && !a0) go(2); break;
  case 2: setB(1); if (b1 && !b0) go(3); break;
  case 3: setB(0); if (b0 && !b1) go(4); break;
  case 4: setA(0); if (a0 && !a1) go(0); break;
}
if (step >= 1 && step <= 4 && millis() - t0 > limit[step])
  fault(step);
```

`go()` ń pààrọ̀ nọ́ńbà ìgbésẹ̀, ó sì ń kọ `millis()` sínú `t0`, ìyẹn ni pé aago bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ 0 ni ìsinmi, ó ń retí kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò kàn béèrè bóyá a1 tàn, mo tún béèrè bóyá a0 kú. Bí a0 bá lẹ̀ pa, kò lè fi irọ́ kọjá níbẹ̀; bó bá jẹ́ a1 ló lẹ̀ pa, àyẹ̀wò mìíràn tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló máa mú un. Ẹ tún wò ó pé kò sí `delay()` kankan níbẹ̀, torí nígbà tí Adúínò bá wà nínú `delay()`, kò rí sẹ́ńsọ̀, kò rí bọ́tìnnì, ńṣe ló sùn. Abẹ́ inú sẹ́ńsọ̀ máa ń fò díẹ̀ nígbà tó bá ń lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà kí ẹ tó gbà pé sẹ́ńsọ̀ tàn, ẹ jẹ́ kó tàn láìyẹ̀ fún bí mìlísẹ́kọ́ńdì 20.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó há?

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìgbà tó ń gbà tí ara ẹ̀rọ bá yá. Mo ní kí Adúínò máa kọ àkókò ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sójú kọ̀ǹpútà, mo tẹ ọṣẹ 50. A ń gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 480 láti lọ, B ń gba 350 láti sọ̀kalẹ̀, 400 láti gòkè. Mo mú èyí tó pẹ́ jù nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni `limit`. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kúrú jù, àwọn òṣìṣẹ́ ò ní gbádùn yín láàárọ̀ nígbà tí gíríìsì inú sílíńdà ṣì le. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó gùn jù, sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá bí àpẹẹrẹ, B á ti tẹ nǹkan tó há mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára àpò sìmẹ́ńtì méjì fún odindi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá kó tó ké.

Àmọ́ kí iná pupa kàn tàn pé "ó há" ò ran ẹni tó ń tún un ṣe lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wúlò jù ni kẹ́ ẹ gba ipò sẹ́ńsọ̀ méjèèjì sílẹ̀ lásìkò tó há gan-an, kẹ́ ẹ sì gbé e sójú síkíríìnì. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń darí yín sí ibi tó yàtọ̀.

Tí sẹ́ńsọ̀ ibi tó ti ń bọ̀ bá ṣì tàn, sílíńdà ò kúrò nílé rárá. Ẹ wo afẹ́fẹ́, ẹ wo kọ́ìlì. Lára fáàfù, ibì kan wà tẹ́ ẹ lè fi ìdí sùkùrúdíráfà tẹ̀ láti fi ọwọ́ ṣí i. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí sílíńdà rìn, afẹ́fẹ́ wà, wàhálà wà ní kọ́ìlì tàbí wáyà. Tí ò bá rìn, ẹ lọ wo géèjì. Tó bá sì jẹ́ pé ojú yín rí i tó rìn, tí sẹ́ńsọ̀ ṣì ní kò kúrò, ẹ ti mọ ìyẹn, ó ti lẹ̀.

Tí méjèèjì bá kú, ó kúrò nílé àmọ́ kò dé ọ̀hún. Ó há láàárín ọ̀nà, tàbí kó lọ́ra, tàbí kó ti dé tí sẹ́ńsọ̀ yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀. Ti ẹ̀rọ ọṣẹ yìí, tí ìgbésẹ̀ 2 bá parí báyìí, nígbà mìíràn kò sí ọṣẹ lórí tírè ni, B kọjá b1 lọ sísàlẹ̀, iná ṣẹ́ jú kan, ó kú.

Tí méjèèjì bá tàn, sílíńdà ò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Èyí ò nílò aago, kẹ́ ẹ máa wò ó nígbà gbogbo, títí kan ìgbà tí ẹ̀rọ ń sinmi:

```
if (step != 9 && ((a0 && a1) || (b0 && b1)))
  fault(5);
```

Kí ni ẹ̀rọ máa ṣe lẹ́yìn tó bá há?

`fault()` ń gbé ìgbésẹ̀ lọ sí 9, ó ń pa kọ́ìlì B kí òǹtẹ̀ lè gòkè, ó sì ń pa kọ́ìlì A méjèèjì kí fáàfù ẹ̀ dúró síbi tó wà. Kò gbọ́dọ̀ tún ara ẹ̀ gbìyànjú wò. Èèyàn ló máa wá, á wo ohun tó há, á tẹ bọ́tìnnì.

Bí bọ́tìnnì yẹn bá di títẹ̀, B la ó kọ́kọ́ bi. Àfi tí b0 bá tàn tí b1 sì kú ni A tó lè padà sílé. Bó ṣe yẹ kó ṣe náà nìyẹn nígbàkúùgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí iná lè lọ láàárín ìgbésẹ̀ èyíkéyìí, Adúínò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ò sì mọ ibi tó bá ayé. Ti ìlú wa yìí, ẹ ò ní pẹ́ rí i. Mo tún fi síwíìṣì afẹ́fẹ́ kan sí i: tí afẹ́fẹ́ ò bá tó báà 4.5, ìgbésẹ̀ 1 ò ní bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba òǹtẹ̀ mi àkọ́kọ́ là.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá kù. Sílíńdà tó há ò kú, ńṣe ló ń ti nǹkan, afẹ́fẹ́ ṣì kún inú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ ọṣẹ tó há a, á fò lọ síbi tó fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, kò ní dúró de ọwọ́ yín. Nítorí náà fáàfù ọlọ́wọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́, irú èyí tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá fà á padà, ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, ó sì ń tú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ síta. Ẹ fà á, ẹ gbọ́ ìró ẹ̀ títí á fi dákẹ́. Àmọ́ ti B yàtọ̀ o: bí afẹ́fẹ́ bá tú, ìwúwo òǹtẹ̀ lè fà á wálẹ̀, nítorí náà igi kan wà tí màmá ti so mọ́ ara ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fi gbé òǹtẹ̀ dúró kí ọwọ́ kankan tó wọ abẹ́ ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì tún ṣí afẹ́fẹ́ padà, ìrìn àkọ́kọ́ máa yá ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò sí afẹ́fẹ́ lódì kejì písítìnnì tó máa dì í mú. Kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Bọ́tìnnì pàjáwìrì ńkọ́? Wáyà iná kọ́ìlì ni kó gé tààrà, ẹ má ṣe gbà á gba inú kóòdù.

Ọjọ́ tó jẹ́wọ́

Lọ́jọ́bọ̀ kan màmá pè mí, ó ní ẹ̀rọ dúró, pé kí n wá. Mo ní kó kà ohun tó wà lójú síkíríìnì fún mi ná. Ó kà á bó ṣe rí:

```
F3 b0=0 b1=0
```

Ìgbésẹ̀ 3, B ń gòkè. Ó ti kúrò ní ìsàlẹ̀, kò tíì dé òkè. Mo bi í: "Màmá, níbo lòǹtẹ̀ wà báyìí?" Ó ní: "Òkè ló wà jàre. Ó débẹ̀, ó kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ ni."

Ìdáhùn yẹn ti yanjú ìdajì. Tó bá jẹ́ pé nǹkan há a ni, ì bá ṣì wà láàárín. Ó dé òkè lẹ́yìn tí aago ti gé e, ìyẹn ni pé ó lọ́ra. Nígbà tí mo débẹ̀, mo wo àkókò tó ti ń kọ sílẹ̀: sísọ̀kalẹ̀ ṣì jẹ́ 350 bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ gígòkè ti kúrò ní 400, ó ti di 520, ó di 690, kó tó kọjá 800 tó jẹ́ òpin ẹ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló kéré ni, tàbí rọ́bà inú písítìnnì ló ń fà, ọ̀nà méjèèjì ni ì bá lọ́ra. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ́ra, nítorí náà ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí B bá ń gòkè ni kí n wò.

Tí kọ́ìlì B bá kú, afẹ́fẹ́ orí písítìnnì ń gba ihò 4 fáàfù wọlé, ó ń gba ihò 5 jáde. Nígbà tí B bá ń sọ̀kalẹ̀, ihò 3 ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gbà jáde. Nǹkan méjì péré ló wà lọ́nà àkọ́kọ́ yẹn, sípíìdì kọ́ńtírò tó ń dín ìyára kù, àti sàlẹ́nsà tó ń pa ariwo afẹ́fẹ́. Mo tú afẹ́fẹ́, mo fi igi sábẹ́ òǹtẹ̀, mo tú sàlẹ́nsà ihò 5, mo tún ṣí afẹ́fẹ́, mo yọ igi, mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. B fò sókè, 310.

Sàlẹ́nsà yẹn ti dí pa, ọ́ìlì kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti ìyẹ̀fun ọṣẹ ti pò pọ̀ nínú ẹ̀ bí ẹ̀kọ tó dì. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fẹ́ ẹ, mo dá a padà, 395. Mo wá fi ìlà kan kún kóòdù: tí ìgbésẹ̀ bá kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin `limit` ẹ̀, iná yẹ́lò á tàn, iṣẹ́ á ṣì máa lọ. Bí ẹ bá ti rí i tó tàn nígbà méjì mẹ́ta tẹ̀léra, sàlẹ́nsà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, màmá ò tiẹ̀ pè mí mọ́. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló fi fótò ránṣẹ́ sórí fóònù mi, sàlẹ́nsà nínú abọ́ kẹrosíìnì, ó kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ti ihò 3 ńkọ́, ṣé kí n fọ ìyẹn náà?"